Ìdámẹ́wàá Lórí Dẹ́sìkì Tí A Kò Tíì Kàn

Bí èèyàn bá gba owó iṣẹ́ tí kò tíì ṣe, tó sì mú ìdámẹ́wàá owó náà wá síwájú pẹpẹ, ìdámẹ́wàá ta ni? Ṣé ti ẹni tó mú un wá ni, àbí ti ẹni tó san owó? Láti oṣù kejì ọdún 2025 ni mo ti ń gbé ìbéèrè yìí kiri. Mo ti gbé e lọ sórí ìkúnlẹ̀. Mo ti wá a nínú Bíbélì láti Léfítíkù títí dé Málákì. Mo bi Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, léèrè, Fíkà sì ní kí n máa gbàdúrà sí i. Mo ń gbà á. Ìdáhùn kò tíì dé.

Adéṣọlá ló fi ìbéèrè náà sí mi lọ́kàn, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n, àfi bí ẹ bá ti ra àga tàbí bẹ́ẹ̀dì rí ní ilé-iṣẹ́ káfíńtà kan ní Àdìgbẹ, tí ẹ sì rántí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ gbogbo iye tó bá kọ. Ọmọ Ọ̀dẹ̀dá ni. Bàbá rẹ̀ dáko ẹ̀gẹ́, ìyá rẹ̀ ń ṣe fùfú tà. Nígbà tó wá kàwé ní Abẹ́òkúta, ó bọ́ sí kíláàsì mi, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó. Ohun tí mo fi dá a mọ̀ nígbà náà ni pé kì í wo ìwé ẹlòmíràn. Bí iye apá òsì àti apá ọ̀tún kò bá dọ́gba, àwọn yòókù á kọ iye èké kan sí i kó lè dọ́gba, wọn á sì sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù. Adéṣọlá á jókòó tì í títí yóò fi rí ibi tó ti ṣì í. Títí di òní, Tíṣà ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti fẹ́ wọ yunifásítì.

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe akọ̀wé owó fún Ọ̀gbẹ́ni Herbert, tó ni ilé-iṣẹ́ káfíńtà náà. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa Herbert, nítorí pé bí mo bá sọ ọ́ bí ẹni burúkú, ẹ kò ní lóye bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun Adéṣọlá tó. Wọ́dìn ni nínú ìjọ wa, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló san owó ìdánwò ọmọ Adéṣọlá nígbà tí ọkọ Adéṣọlá, tó ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò gba owó oṣù fún ìgbà pípẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ Sunday, òun ló máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó àwọn ìyá àgbà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti gbọ́ àdúrà rẹ̀ ju ìgbà tí mo lè kà lọ, n kò sì gbọ́ ẹ̀tàn nínú rẹ̀ rí.

Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní àṣà kan. Bí oníbàárà bá san owó, yálà ó pọ̀ ni o, yálà ó kéré ni o, Herbert á ní kí gbogbo wọn gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Wọn á gbé ìwé rìsíìtì sórí tábìlì tí wọ́n fi ń fá pákó, Herbert á gbọ́wọ́ lé e, á sì dúpẹ́. Òyìnbó kan wá ra àga níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rò pé wọ́n fẹ́ wẹ owó òun mọ́ ni. Àṣà kejì ni pé ní Sunday àkọ́kọ́ nínú ọdún, Herbert á mú ìdámẹ́wàá èrè ọdún tó kọjá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ìwé ìṣirò tí akọ̀wé owó fọwọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó rẹ́ Ọlọ́run jẹ. Ìdámẹ́wàá mìíràn nínú èrè náà, ó ń pín in fún àwọn òṣìṣẹ́. Èmi ni akápò ìjọ. Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé ìṣirò náà máa ń bọ́ sí, mo sì ń tò wọ́n sínú fáìlì kan láti ọdún dé ọdún.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Alhaji Sàlàhúdíìnì wá sí ilé-iṣẹ́ náà. Ìdílé oníṣòwò aṣọ ni wọ́n ní Kémta, láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Alhaji ti kọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ó sì nílò dẹ́sìkì igba tí ọmọ méjì lè jókòó sí, ogójì ẹgbẹ̀rún náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé owó pákó ń lọ sókè lóṣooṣù, ó fẹ́ san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí iye náà má yí padà mọ́. Mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà. Àdéhùn wọn ni pé wọn á gbé àádọ́ta dé Kémta kí iléèwé tó gba ìsinmi Kérésì, wọn á sì gbé àádọ́jọ tó kù dé kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kìíní.

Kó tó san án, ó yíjú sí Adéṣọlá, ó ní, "Ìyá Akọ̀wé, èmi náà ń gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Mo mọ ohun tí ojú àwọn tó san án ń rí. Bí mo bá san tèmi tán, kí ni ẹ máa pè é nínú ìwé yín?"

Adéṣọlá ní, "Gbèsè ni, Alhaji. Owó náà á wà ní báńkì wa, ṣùgbọ́n a jẹ yín ní dẹ́sìkì igba. Bí a bá gbé ọ̀kan fún yín, tí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á, ogójì ẹgbẹ̀rún á kúrò lórí gbèsè, á di owó tí a ṣiṣẹ́ fún."

Alhaji rẹ́rìn-ín. Ó ní kó kọ ohun tó sọ yẹn sẹ́yìn rìsíìtì. Adéṣọlá kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Herbert gbọ́wọ́ lé ìwé rìsíìtì, wọ́n gbàdúrà, Alhaji náà ṣe Àmín.

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró sí. Ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò nípa ohun tó wà lápò rẹ̀ nìkan lè sọ pé ọjọ́ tí owó dé ni òun jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe ìṣirò bó ti yẹ kì í bèèrè pé ìgbà wo ni owó dé. Ohun tó ń bèèrè ni pé ìgbà wo ni a ṣe ohun tí a gba owó náà fún. Títí a ó fi ṣe é, ojú ewé gbèsè ni owó náà wà. Àti pé ọjọ́ tí a bá kà á sí owó tó wọlé, ọjọ́ náà gan-an ni a ó ka ohun tí a ná lórí rẹ̀ sí ìnáwó: pákó rẹ̀, ìṣó rẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún kan á dà bí ọdún ọlọ́rọ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e á sì ru ẹrù rẹ̀ láìrí nǹkan kan gbà.

Adéṣọlá ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún Alhaji nínú lẹ́jà, ìwé ńlá tó ń kọ owó sí. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, wọ́n ti gbé dẹ́sìkì àádọ́ta dé Kémta. Ó mú ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n lọ́wọ́, ó gbé mílíọ̀nù méjì kúrò lórí gbèsè lọ sí owó tó wọlé, ó sì kọ ohun tí wọ́n ná lórí àádọ́ta náà sí ìnáwó. Mílíọ̀nù mẹ́fà ló kù ní gbèsè. Nígbà tó pa gbogbo iṣẹ́ ọdún náà pọ̀, èrè wọn jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà.

Herbert wo ìwé náà lọ, ó wò ó bọ̀. Adéṣọlá sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lọ́jọ́ náà fún mi nígbà tó yá, n kò sì rí ohun tí mo lè yọ kúrò nínú rẹ̀.

"Adéṣọlá, owó Alhaji wà ní báńkì, àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Orúkọ ta ló wà lórí akáǹtì náà?"

"Tiwa ni, sà."

"Kí ló wá kù?"

"Dẹ́sìkì ló kù, sà. Àádọ́jọ."

Herbert bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní òun kò ní mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà lọ síwájú Ọlọ́run ní ọdún tí Ọlọ́run fi mílíọ̀nù mẹ́jọ ránṣẹ́ sí òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ń retí nǹkan, ọjà ti gbówó lórí, ojú wọn wà lára òun. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ Adéṣọlá lára. Ó ní, "Ìbùkún ni mo gbà. Ìwọ ń pè é ní gbèsè. Àìnígbàgbọ́ rẹ nìyẹn."

Adéṣọlá kò fèsì sí ti ìgbàgbọ́. Ohun tó sọ ni pé bí wọ́n bá kà á sí èrè, wọ́n á pín in, bí wọ́n bá sì pín in, wọn kò ní rí owó ra pákó. Ó ní ìdámẹ́wàá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ọdún tí wọ́n bá gbé dẹ́sìkì náà fún Alhaji ni wọ́n á san án. Herbert wá ní ó dáa. Ó ní, "Bí o ṣe kọ ọ́ náà ni kó wà." Adéṣọlá gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni o.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, ó ń lọ bá ọkọ rẹ̀ ṣe Kérésì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ó kọ ìwé ìṣirò náà sínú bébà lásán pẹ̀lú ọwọ́, kí wọ́n lè gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé. Ó sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ń tẹ ìwé náà: ó mú bébà méjì tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ó fọwọ́ sí wọn nísàlẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún Herbert, kí wọ́n lè tẹ ìṣirò náà sókè ìfọwọ́sí rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé kò yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́ náà kò bèèrè rí bí ìfọwọ́sí rẹ̀ ṣe ń dé orí ìwé nígbà tó bá wà ní Ìjẹ̀bú.

Ní Sunday àkọ́kọ́ ọdún tuntun, Herbert jáde síwájú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. N kò retí ohun tó pọ̀, nítorí pé ọdún náà le fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ₦720,000 ló wà nínú àpòòwé. Fíkà ka iye náà sókè, ìjọ sì hó. Èmi náà ṣe Àmín, kì í ṣe Àmín ẹnu lásán. Mo ní lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ń ṣe é fún àwọn tó bá bọlá fún un. Mo gba ìwé ìṣirò náà, mo rí i pé èrè jẹ́ mílíọ̀nù méje àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, mo rí "Dẹ́sìkì iléèwé, mílíọ̀nù mẹ́jọ" lábẹ́ owó tó wọlé, mo rí ìfọwọ́sí Adéṣọlá pẹ̀lú ìlà rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo tò ó sínú fáìlì. N kò bi ara mi léèrè pé dẹ́sìkì mélòó ni wọ́n ti gbé jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjọ ti fi owó náà tún òrùlé ilé Fíkà ṣe.

Adéṣọlá kò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló dé. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ nínú ayọ̀, wọ́n ti gba owó ọdún tó tó ìlọ́po mẹ́fà ohun tó retí. Wọ́n kó tirẹ̀ fún un nínú àpòòwé. Ó bi Jídé, olórí àwọn káfíńtà, pé báwo ni owó náà ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Jídé ní, "Màdámú, ṣé ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe é fún máa ń bèèrè ni?" ó sì padà sídìí ayùn rẹ̀. Níta, ọkọ̀ akẹ́rù kan wà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Herbert ti san mílíọ̀nù mẹ́rin lórí rẹ̀, ìdajì ṣì kù. Adéṣọlá lọ wo ohun tó wà ní báńkì. Ó kù díẹ̀ kó tó mílíọ̀nù kan.

Kò ná owó tó wà nínú àpòòwé rẹ̀. Ó gbé e lọ bá Herbert, ó ní kó fi ra pákó. Herbert gbà á, ó ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn oníbàárà mìíràn ń bọ̀, Ọlọ́run tó ṣe ti àná kò tíì kú. Wọ́n fi ohun tó kù kan ọgbọ̀n dẹ́sìkì, wọ́n gbé e lọ sí Kémta. Lẹ́yìn náà, àwọn káfíńtà jókòó. Ọgọ́fà dẹ́sìkì ló kù. Iléèwé Alhaji wọlé, àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta jókòó sórí ẹní.

Alhaji fara dà á títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì. Ó wá ní ọjọ́ Tuesday kan, ní bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kí gbogbo wọn, ó jókòó, ó gbé rìsíìtì náà kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, kí wọ́n lè rí ohun tí Adéṣọlá kọ síbẹ̀. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òun kàn fẹ́ mọ ibi tí gbèsè òun wà.

Herbert kò wo Adéṣọlá. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó yọ ìwé ìṣirò kan jáde, irú èyí tó wà nínú fáìlì mi gan-an. Ó ní, "Alhaji, káfíńtà ni mí, n kì í ṣe akọ̀wé. Ohun tí akọ̀wé owó mi bá kọ ni mo ń tẹ̀ lé. Ó kọ ọ́ pé èrè ni. Ẹ wo ìfọwọ́sí rẹ̀."

Adéṣọlá ní ìgbà àkọ́kọ́ tóun rí ìwé náà nìyẹn. Ó mọ ìfọwọ́sí náà. Ó mọ ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ka àwọn iye tó wà lókè rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn ikú ara rẹ̀. Ó gbójú sókè wo Jídé, nítorí Jídé ló máa ń gbé bébà lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé.

Ó ní, "Jídé, bébà tí mo fọwọ́ kọ, tí mo fi sílẹ̀ kí n tó lọ, ṣé òun lo gbé lọ?"

Jídé ní òun kò kàwé tó bẹ́ẹ̀, ohun tí Ọ̀gá bá fún òun lòun ń gbé. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Adéṣọlá sọ fún mi pé ohun tí Herbert sọ dun òun, ṣùgbọ́n ojú Jídé tó wà nílẹ̀ ni òun máa ń rí bí òun bá ń gbàdúrà.

Ó dìde, ó gbé lẹ́jà rẹ̀ wá, ó ṣí ojú ewé Alhaji. Níbẹ̀ ni mílíọ̀nù mẹ́jọ wà, pẹ̀lú ọjọ́ tó wọlé, lábẹ́ gbèsè. Mílíọ̀nù méjì tí wọ́n yọ fún àádọ́ta àkọ́kọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀fà tí wọ́n yọ fún ọgbọ̀n tó tẹ̀ lé e. Ohun tó kù jẹ́ ₦4,800,000, iye ọgọ́fà dẹ́sìkì. Alhaji fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wo lẹ́jà, ó wo ìwé tí wọ́n tẹ̀. Oníṣòwò ni; kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Ìyá Akọ̀wé, mo ti rí ohun tí ọwọ́ rẹ kọ, mo sì ti rí ohun tí wọ́n fi orúkọ rẹ kọ. N kò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ ọ̀gá rẹ nígbà tí mo san owó yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ tó wà lẹ́yìn rìsíìtì ni mo san án lé."

Ó ká rìsíìtì rẹ̀, ó kí wọn, ó lọ.

Adéṣọlá kó rúlà rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀ sínú báàgì lọ́jọ́ náà. Herbert sọ fún un ní ẹnu ọ̀nà pé kó má jẹ́ kí Sátánì lò ó, pé ìdílé kan ni gbogbo wọn, pé gbogbo rẹ̀ á tán. Ó ní òun ti gbàdúrà lé owó náà lórí. Adéṣọlá ní, "Mo mọ̀, sà. Mo wà níbẹ̀." Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan ní ó kó owó oníbàárà jẹ. Àwọn kan ní ó gbéraga, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ìwé ìṣirò tó wà lọ́dọ̀ mi ni wọ́n ń tọ́ka sí. Wọ́n ní ìfọwọ́sí rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Mo sọ fún Fíkà pé mo mọ ọmọ náà láti kékeré, kò lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Fíkà ní ọ̀rọ̀ Wọ́dìn ni, kí a fi sínú àdúrà. Herbert ṣì ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì kìíní lọ́jọ́ Sunday. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń ronú pé bóyá ó gbà á gbọ́ lóòótọ́ pé ìbùkún ni. Bí ó bá gbà á gbọ́, kí wá ni ìgbàgbọ́? Bí kò bá gbà á gbọ́, ta ni gbogbo wa ń ṣe Àmín fún láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá? N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣì ń ka owó àwo.

Nígbà tí Lẹ́ǹtì, ààwẹ̀ ṣáájú Àjíǹde, kù díẹ̀ kó parí, Adéṣọlá wá sílé mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ti ń bá àwọn oníṣòwò mẹ́ta kọ̀wé owó nínú ilé. Ó ní owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ara wọn. A rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ìyẹn. Ìyàwó mi bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó wá ní kí n jẹ́ kí òun wo ìwé tó wà nínú fáìlì mi.

Mo gbé e wá. Kò sunkún. Ó mú rúlà jáde láti inú báàgì, ó fi sábẹ́ iye kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà á. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó fi rúlà náà bo ìfọwọ́sí rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó máa wo òun. Mo sọ fún un pé mo lè kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà pé òun kọ́ ló ṣe é, kí orúkọ rẹ̀ lè mọ́ lójú ìjọ. Mo rò pé nítorí ẹ̀ ló ṣe wá.

Ó mi orí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kì í ṣe ìyẹn."

Ó ní òun ti ṣírò rẹ̀. Èrè òtítọ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba; ìdámẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà. Ìyẹn jẹ́ ti Ọlọ́run, òun kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ₦720,000 ni ìjọ gbà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta tó lé lórí rẹ̀ kì í ṣe èrè Herbert. Apá kan gbèsè Alhaji ni.

Mo ní, "Adéṣọlá, owó náà ti di òrùlé lórí Fíkà."

Ó ní òun mọ̀. Ó kó rúlà rẹ̀ padà sínú báàgì, ó sì kúnlẹ̀ níwájú àga mi, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin.

"Ẹ̀yin ni akápò, Tíṣà. Ẹ bá mi bẹ ìjọ kí wọ́n dá a padà fún Alhaji. Dẹ́sìkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọgbọ̀n ọmọ ló máa dìde lórí ẹní."